Ẹ Ka Owó Oṣù, Ẹ Má Ka Oṣù

Bí owó ilé bá ti ń sún mọ́lé, ọ̀rọ̀ kan náà lẹ máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ayálégbé Abẹ́òkúta, láti Ọ̀bàntokò dé Adígbẹ̀: “Mo mà ń kó o jọ o, mi ò mọ ibi tó gbà lọ.” Òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ṣe onínàákúnàá. Ìṣirò tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ni kò dáa. Wọ́n mú owó ilé, wọ́n pín in sí ọ̀nà méjìlá nítorí pé oṣù méjìlá ló wà nínú ọdún, wọ́n sì rò pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n oṣù kì í san owó ilé, owó oṣù ló ń san án, iye owó oṣù tó máa ń wọlé kí ọjọ́ ìsanwó tó pé kò sì tó méjìlá.

Ẹ jẹ́ ká mú ìdílé kan ṣe àpẹẹrẹ. Ọkọ ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní Òkè-Mósàn, ₦140,000 ló ń gbà lóṣù. Ìyàwó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú. Ilé oníyàrá méjì ni wọ́n ń gbé, ₦480,000 ni owó rẹ̀ lọ́dún, ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Máàṣì ló sì máa ń pé. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ san ti ọdún yìí tán ni. Bí wọ́n bá pín ₦480,000 sí méjìlá, ₦40,000 ni wọn yóò máa kó jọ lóṣù. Iye yẹn dùn ún gbọ́. Ẹ wá bá mi ka owó oṣù tí yóò wọlé.

Owó oṣù Máàṣì yóò wọlé nígbà tí Máàṣì bá ń parí lọ, ìyẹn ni àkọ́kọ́. Láti ibẹ̀ dé ti Jánúárì, mọ́kànlá ni gbogbo rẹ̀. Ti Fẹ́búárì kò sí nínú rẹ̀, torí pé ìparí Fẹ́búárì ló ń bọ̀, ó sì lè dé lẹ́yìn tí onílé bá ti kan ilẹ̀kùn. Nínú mọ́kànlá yẹn, ẹ yọ ti Ọ́gọ́ọ̀sì sọ́tọ̀ ná, ẹ wò ó dáadáa. Òun ni wọ́n ń ná ní Sẹ̀tẹ́ńbà tí ilé ìwé ń wọlé, pẹ̀lú owó ilé ìwé, ìwé, bàtà àti aṣọ. Bí àwọn ọmọ bá jẹ́ méjì tàbí mẹ́ta, kò sí ohun tí yóò ṣẹ́kù lára rẹ̀. Ti Dìsẹ́ńbà ló tún burú jù. Lọ́pọ̀ ibi iṣẹ́, wọ́n máa ń san án ṣáájú ọdún Kérésì, òun náà lèèyàn yóò sì jẹ dé ìparí Jánúárì. Ìyẹn ju ọ̀sẹ̀ márùn-ún lọ lórí owó oṣù kan ṣoṣo. Ẹni tó bá sọ pé òun yóò yọ owó ilé lára owó Dìsẹ́ńbà, ẹ dúró dè é ní ogúnjọ́ Jánúárì, ẹ ó rí i pé ó ti padà lọ mú un.

Ó ku mẹ́sàn-án. Owó oṣù mẹ́sàn-án ló lè sọ̀rọ̀ owó ilé ká gbà á gbọ́. Ẹni tó ń fi ₦40,000 pamọ́ yóò ní ₦360,000 lọ́wọ́ nígbà tí Jánúárì bá parí, yóò sì ku ₦120,000 kí owó ilé tó pé. ₦120,000 yẹn gan-an ni owó tí wọn “ò mọ ibi tó gbà lọ”. Kò gba ibì kankan lọ, kò fìgbà kan wà níbẹ̀ ni.

Iye tí a ń lépa gan-an tún yàtọ̀ sí ₦480,000. Onílé lè fi owó kún ilé, nǹkan ti wọ́n lọ́jà, òun náà ń ra sìmẹ́ǹtì. Ẹ fi ìdá kan nínú mẹ́jọ kún un, ìyẹn ₦60,000. Kì í ṣe pé iye yẹn ni onílé yóò dá, àyè tí ẹ fi sílẹ̀ fún un ni. Àpapọ̀ wá di ₦540,000. Ẹ pín in sí mẹ́sàn-án, ₦60,000 ni. Ọ̀gọ́ta ẹgbẹ̀rún náírà lóṣù ni ilé yìí ń béèrè, kì í ṣe ogójì. Bí ọwọ́ ò bá ká iye yẹn, ó sàn kí ẹ mọ̀ báyìí ju kí ẹ mọ̀ ní Fẹ́búárì lọ, ìyẹn lè túmọ̀ sí pé ilé náà ti ga ju àpò lọ.

Ohun kan máa ń da ìṣirò yìí rú fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wọ ilé tuntun. Owó tó san lọ́dún àkọ́kọ́ kì í ṣe owó ilé nìkan. Owó àgírímẹ́ǹtì àti kọmíṣọ̀n ajẹ́ńtì wà nínú rẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́wàá sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lọ́pọ̀ ìgbà, yàtọ̀ sí owó ìdúró tí àwọn onílé mìíràn ń gbà nítorí ohun tó lè bàjẹ́. Gbogbo ìyẹn kì í wáyé lọ́dún kejì. Ẹ wo rìsíìtì, kì í ṣe iye tó jáde nínú àkáǹtì yín.

Rìsíìtì yẹn náà ló ń sọ ọjọ́. “Láti ọjọ́ kìn-ín-ní Máàṣì títí di ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n Fẹ́búárì” ni ó yẹ kó wà níbẹ̀. Ibí ni ìyà ti ń jẹ ọ̀pọ̀ ayálégbé láìmọ̀. Ẹni tí owó ilé rẹ̀ pé ní Máàṣì, tó bẹ onílé títí tó fi san án ní Méè, yóò rò pé ọdún òun ti di Méè sí Méè. Onílé kò gbà bẹ́ẹ̀. Máàṣì tó ń bọ̀ lowó yóò tún pé. Ẹni yẹn ti sọ owó oṣù méjì nù kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó owó jọ, owó oṣù méje péré ló ní láti fi ṣe iṣẹ́ mẹ́sàn-án. Ìdí nìyí tí ẹni tó pẹ́ lọ́dún kan fi máa ń pẹ́ lọ́dún kejì, tí àwọn ará àdúgbò yóò sì máa sọ pé kò fẹ́ràn láti máa san owó.

Báwo ni wọn yóò ṣe pín ₦60,000 láàárín ara wọn? Ọkọ yóò mú ₦35,000, ìdá mẹ́rin owó oṣù rẹ̀ gẹ́lẹ́. Ó gbọ́dọ̀ kúrò nínú àkáǹtì lọ́jọ́ tí owó bá wọlé, kí báńkì fúnra rẹ̀ máa yọ ọ́, nítorí owó oṣù tó bá sùn mọ́jú nínú àkáǹtì ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ orúkọ àwọn ẹlòmíràn. Ẹ má dá ọjọ́ kan pàtó fún báńkì bí ibi iṣẹ́ bá máa ń pẹ́ san owó. Bí ẹ bá ní kó yọ ọ́ ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, tí owó kò sì tíì dé, àṣẹ yẹn lè kùnà, ọ̀pọ̀ báńkì kò sì ní padà wá yọ ọ́ nígbà tí owó bá wá dé. Ẹ̀ẹ̀kan nínú ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù tuntun, ẹ yẹ àkáǹtì náà wò.

Ti ìyàwó kò rí bẹ́ẹ̀, torí ọjà kì í san owó oṣù. Òun ni alájọ wúlò fún. Ó ń dá ₦1,000 lójúmọ́ tó bá lọ sọ́jà, kò sì ń dá ní ọjọ́ Àìkú. Ọjọ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni ìyẹn lóṣù, ₦26,000. Alájọ mú owó ọjọ́ kan, bí àṣà àjọ ti rí, ó kó ₦25,000 lé e lọ́wọ́. Ẹ wò ó: ₦1,000 lóṣù ni owó iṣẹ́ alájọ, ₦9,000 fún oṣù mẹ́sàn-án. Àwọn kan máa ń bínú sí iye yẹn, wọ́n ní báńkì kì í gba ohun tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Lójú tèmi, kò wọ́n. Ẹni tó ń rìn wá sí ìsọ̀ lójoojúmọ́, tó ń fa ₦1,000 yọ kí oúnjẹ àti ọkọ̀ tó mú un, iṣẹ́ gidi ló ń ṣe. Ohun tí mi ò fara mọ́ ni kéèyàn fi owó sọ́wọ́ alájọ fún odindi ọdún. Ẹ gbà á ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kó o lọ sínú àkáǹtì owó ilé lọ́jọ́ náà. Bí ohunkóhun bá ṣe alájọ, owó oṣù kan ni yóò bá a lọ, kò ní kó ilé yín lọ.

Ọ̀fìn kan tún wà lọ́nà ọlọ́jà. Ẹgbẹ̀rún náírà tó ń dá gbọ́dọ̀ jẹ́ èrè, kì í ṣe owó ọjà. Bó bá ra aṣọ àti aró ní ₦9,000, tó tà á ní ₦12,000, ₦3,000 ni tirẹ̀. Bó bá ń dá àjọ nínú ₦12,000 láìka iye tó wà nínú rẹ̀, àjọ yóò máa pọ̀, igbá yóò sì máa fúyẹ́. Àmì rẹ̀ ni pé ní ìparí oṣù kẹta, àjọ pé, ṣùgbọ́n ó ní láti ra aṣọ láwìn. Owó ilé ti ń jẹ òwò nìyẹn. Ẹ dín iye ojúmọ́ kù, kí ẹ dá púpọ̀ ní àkókò tí ọjà bá ń yá. Ọdún Iléyá, ayẹyẹ ìparí ọ̀sẹ̀ àti Dìsẹ́ńbà gan-an jẹ́ àsìkò tirẹ̀. Dìsẹ́ńbà tí owó oṣù ọkọ kò lè mú nǹkan kan wá, tirẹ̀ lè mú ₦25,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, èyí tí a kò kà mọ́ mẹ́sàn-án tẹ́lẹ̀.

Àwọn tó fẹ́ràn èésú yóò béèrè pé kí ló dé tí a ò fi dá èésú. Ẹ lè dá a. Ẹni méjìlá, ₦45,000 lóṣù, ₦540,000 ni ẹni tó bá kàn yóò kó. Ṣùgbọ́n ohun tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ béèrè ni oṣù tí yóò kàn yín. Bí Jánúárì bá kàn yín, ó bọ́ sí i. Bí Òkítóbà bá kàn yín, owó yóò wà lọ́wọ́ yín fún oṣù mẹ́rin, Dìsẹ́ńbà sì wà láàárín, kò sí owó tó ń rí Dìsẹ́ńbà tí kì í mì. Bí Épírì bá sì kàn yín fún owó Máàṣì, ẹ̀yin àti onílé lẹ ó jọ máa wo ojú ara yín. Èésú kò sì mọ Sẹ̀tẹ́ńbà tàbí Dìsẹ́ńbà, ₦45,000 ni lóṣù gbogbo, kò sí ìsinmi. Ẹ tún ránti pé orí àwọn tó kó kẹ́yìn ni gbogbo ìjákulẹ̀ ń dà lé. Ẹni tó ti kó ní oṣù kejì lè fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, ẹni kọkànlá ni kò ní rí owó rẹ̀ pé. Ẹ bi olórí èésú, kí ẹ tó wọlé, pé ta ló ń dí àlàfo bí ẹnì kan kò bá san. Bó bá ní “kò ṣẹlẹ̀ rí”, kò tíì dá yín lóhùn.

Ibo ni kí owó wá máa gbé? Àkáǹtì ọ̀tọ̀, ní báńkì ọ̀tọ̀, tí kò ní káàdì, tí kò sì sí lórí fóònù bó bá ṣeé ṣe. Àwọn ápù tó ń ti owó pa bíi PiggyVest àti Cowrywise náà wà. Wọ́n dáa fún irú iṣẹ́ yìí torí pé ẹ lè dá ọjọ́ tí yóò ṣí fún un. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé èèyàn á dá ọjọ́ tí owó ilé pé gan-an. Ẹ dá a sí ìbẹ̀rẹ̀ Fẹ́búárì, nítorí owó lè há fún ọjọ́ díẹ̀, ọjọ́ Sátidé àti Àìkú sì wà. Ní ti ààbò, láti ọdún 2024, NDIC tó ń dáàbò bo owó inú báńkì ń san tó ₦5,000,000 fún ẹni kọ̀ọ̀kan bí báńkì ńlá bá wó, àti ₦2,000,000 bí ó bá jẹ́ báńkì kéékèèké tí à ń pè ní máíkírófáínáǹsì. Owó ilé yìí kò tó ìdá mẹ́ta ìyẹn. Alájọ àti èésú kò ní irú ààbò bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan á ní owó tó dúró sójú kan ń gbó, wọ́n á fi ra gàrí tàbí epo pa mọ́, wọ́n á ní àwọn yóò tà á nígbà tó bá wọ́n. Òwò gidi ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe owó ilé ni wọ́n fi ń ṣe é. Náírà ni onílé ń gbà, ní ọjọ́ tí òun ti dá. Bí epo bá wọ́n ní Épírì tí owó ilé sì pé ní Máàṣì, ìwọ̀nba tí ẹni tó mọ̀ pé ojú ń pọ́n yín bá dá ni ẹ ó tà á.

Wàyí o, kí ló ń ba owó náà jẹ́ bó bá ti wà nílẹ̀? Kì í sábà jẹ́ fàájì. Àìsàn ọmọ ni, fóònù tó fọ́, ìsìnkú àna. Owó ilé nìkan ló wà nílẹ̀, òun ni wọ́n sì mú. Nítorí náà, kí ìdílé yìí tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó ₦60,000 jọ, ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ fi nǹkan bí ₦50,000 sí ẹ̀gbẹ́ kan tí kò ní orúkọ owó ilé. Bí wọ́n bá ná an, wọ́n á dá a padà kí wọ́n tó tún máa tẹ̀ síwájú. Ìkùukùu tí kò rí ibòmíràn rọ̀ ni yóò rọ̀ sórí owó ilé.

Ẹ sì ní láti máa mọ ibi tí ẹ dé. Kàlẹ́ńdà tó wà lára ògiri tó. Ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan, ẹ fi bírò kọ iye tó yẹ kó wà nínú àkáǹtì sí orí rẹ̀: Máàṣì ₦60,000, Épírì ₦120,000, Méè ₦180,000, Júùnù ₦240,000, Júláì ₦300,000. Ọ́gọ́ọ̀sì yóò dúró sí ₦300,000, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Sẹ̀tẹ́ńbà ₦360,000, Òkítóbà ₦420,000, Nọ̀fẹ́ńbà ₦480,000. Ẹ rí i, owó ilé ti èṣí ti pé kí Dìsẹ́ńbà tó dé. Dìsẹ́ńbà kò ní fi kún un, Jánúárì yóò sọ ọ́ di ₦540,000. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye tó yẹ, ẹ kọ iye tó wà. Bí ìyàtọ̀ bá jẹ́ ₦60,000 tàbí kí ó kéré sí i, àjọ Dìsẹ́ńbà ìyàwó àti owó ìsinmi tí ibi iṣẹ́ ọkọ bá san lè dí i. Bó bá ti kọjá ₦120,000 ní Òkítóbà, ẹ má fi ara yín ṣe ẹlẹ́yà, kò ní pé, ẹ lọ bá onílé sọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ onílé yẹn, Nọ̀fẹ́ńbà ni àsìkò rẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó yín pé. Ẹ lọ kí i, tàbí kí ẹ pè é: “Bàbá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, a dúpẹ́ oore. Owó ilé wa yóò pé ní ọjọ́ kìn-ín-ní Máàṣì, mo ní kí n tètè wá béèrè bóyá iye èṣí náà ni, kí n lè múra sílẹ̀.” Onílé tí a bá béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ní Nọ̀fẹ́ńbà máa ń dá iye tó ní láárí, torí pé kò tíì sí ẹlòmíràn tó ń wo ilé náà. Bó bá ní ₦60,000 lòun fi kún un, ìṣirò yín ti gbà á. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, oṣù mẹ́ta wà láti bẹ̀ ẹ́ tàbí láti wá ilé mìíràn.

Ẹni tó ń ka èyí ní Júùnù, tí kò tíì kó kọ́bọ̀ jọ, òun náà ní ìṣirò tirẹ̀. Ti Júùnù, Júláì, Sẹ̀tẹ́ńbà, Òkítóbà, Nọ̀fẹ́ńbà àti Jánúárì, owó oṣù mẹ́fà ló kù tó lè gbé nǹkan. Bó bá fẹ́ kó ₦540,000 jọ, ₦90,000 ni lóṣù, yóò sì wó ní oṣù kẹta. Ó sàn kó máa kó ₦60,000 tó lè dúró tì, kó ní ₦360,000, kó sì mọ̀ láti ìsinsìnyí pé yóò ku ₦120,000 kí owó ilé tó pé bí onílé kò bá fi nǹkan kún un. Ìyẹn ni kó lọ tọrọ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ibi iṣẹ́ rẹ̀, tàbí kó bẹ onílé ní Nọ̀fẹ́ńbà pé kó gbà á ní ìgbà méjì, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bó bá yá a lọ́wọ́ ẹgbẹ́, kó pín in sí oṣù mẹ́wàá, ₦12,000 lóṣù yàtọ̀ sí èlé, kí gbèsè náà lè tán kí owó ilé kejì tó pé. Lọ́dún yẹn, ₦72,000 àti èlé ni yóò máa jáde lóṣù. Yóò mú un gan-an. Ọdún kẹta ni yóò tó mí.

Ọjọ́ ìsanwó fúnra rẹ̀ kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ yẹ iye tí báńkì gbà yín láàyè láti fi ránṣẹ́ lójúmọ́ wò ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, nítorí ₦540,000 lè ju ohun tí fóònù yín lè gbé lọ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ má baà fi ọjọ́ méjì ṣe é kí onílé máa rò pé owó yín kò pé. Ẹ fi ránṣẹ́ sí àkáǹtì tó ní orúkọ onílé, kì í ṣe ti ọmọ rẹ̀ tó wá gba owó. Ẹ gba rìsíìtì tó ní ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ ìparí, ẹ yà á sórí fóònù kí ẹ tó fi í sínú àpótí. Bí onílé kò bá fi kọ́bọ̀ kún un, ₦60,000 ti ṣẹ́ kù nínú àkáǹtì yẹn, ẹ má mú un. Òun ni owó Máàṣì ọdún tuntun, ẹ ti ṣáájú pẹ̀lú owó oṣù kan.